Fídíò ń ṣiṣẹ́ nílé, ó kọ̀ ní gbọ̀ngàn: «Media not found»

Ìyá_Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe sláìdì ìdúpẹ́ fún ìyá àgbà kan ní ìjọ wa, fídíò mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Nílé, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mo da fáìlì náà sórí fíláàṣì, a fi í sára láptọ́ọ̀pù gbọ̀ngàn, àwòrán fídíò dúró gbagidi, ó kọ Media not found sábẹ́ rẹ̀. PowerPoint ni mo lò. Irú iṣẹ́ yìí tún ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe máa gbé fídíò wọ inú sláìdì tí kò fi ní í máa wá nǹkan kiri mọ́?

---

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Èyí ò le rárá, mà. Ẹ ṣí fódà kan, ẹ kó sláìdì àti fídíò sínú rẹ̀, kí ẹ wá gbé odindi fódà náà sórí fíláàṣì. Ó parí. Bí mo ṣe ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, kò já mi kulẹ̀ rí. Àwọn tó ń sọ pé ká máa ki fídíò bọ inú fáìlì ló ń sọ fáìlì di gàgàrà, tí fífi ránṣẹ́ á wá di wàhálà.

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Àbúrò, ìdajì òótọ́ lo sọ. Bí fídíò bá jẹ́ líǹkì, PowerPoint kò gbé e rárá. Àdírẹ́sì ibi tí fídíò wà ló kọ sílẹ̀, bíi `C:\Users\USER\Downloads`. Láptọ́ọ̀pù ilé ní ibẹ̀, ti gbọ̀ngàn kò ní in. Tó bá wá a tì níbẹ̀, ó máa ń yẹ fódà tí sláìdì fúnra rẹ̀ wà wò. Ìdí nìyẹn tí ọgbọ́n fódà rẹ fi ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ nígbà tí àwọn èèyàn bá gbé fíláàṣì wá, mo sì ń rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹnìkan á fa sláìdì nìkan sórí Desktop torí pé fíláàṣì ń falẹ̀, fídíò á kù sẹ́yìn. Ẹlòmíì á ṣí i láti inú zip láì tíì tú u. Ẹlòmíì á ti yí orúkọ fídíò padà kó lè dùn ún kà. Ìwọ tó ṣe é mọ̀ pé méjèèjì gbọ́dọ̀ wà papọ̀, ẹni tó máa ṣí i ní gbọ̀ngàn kò mọ̀.

Ìyá Ìbejì, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi wo nǹkan méjì. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, ẹ yan Properties. Báwo ló ṣe tóbi tó, báwo sì ni fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tóbi tó? Èkejì, kí ló kẹ́yìn orúkọ fáìlì náà, .ppt ni àbí .pptx?

---

Ìyá_Ìbejì: Ẹ ṣé, sà. Sláìdì jẹ́ 5 MB. Àwọn fídíò jẹ́ 96 MB, 41 MB àti 58 MB. Ó parí sí .ppt. Kì í ṣe èmi ni mo ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Sláìdì kan wà tí ìjọ ti ń lò láti ayébáyé, tó ní àwòrán òdòdó àti àmì ìjọ. Òun ni a máa ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Ibẹ̀ ni olè wà.

Fáìlì 5 MB kò lè gbé fídíò tó jẹ́ 195 MB sínú. Èyí nìkan ti tó láti mọ̀ pé líǹkì ni gbogbo wọn, ẹ kò tilẹ̀ nílò láti ṣí i. Mo máa ń wo ìwọ̀n fáìlì kí n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ .ppt wá ló fà á. Fọ́máàtì PowerPoint 97 sí 2003 nìyẹn, kò sí àyè fídíò nínú rẹ̀, líǹkì nìkan ló mọ̀. PowerPoint 2007 ti ń lo .pptx, ṣùgbọ́n òun náà ṣì ń fi líǹkì ṣe fídíò. Láti 2010 ni fídíò tí a bá fi sí .pptx ti ń wọlé fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a sọ fún un. Ẹni tó ní PowerPoint tuntun, tó wá ṣí sláìdì ayébáyé sínú rẹ̀, inú òfin àtijọ́ ló ṣì wà. Ẹ wo òkè pátápátá nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí Compatibility Mode lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Info, ẹ tẹ Convert, kí ẹ fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí .pptx. Ìyẹn yí àpótí padà, àmọ́ àwọn líǹkì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè ṣì jẹ́ líǹkì. Ẹ padà sí Info, ẹ máa rí View Links lábẹ́ Optimize Media Compatibility, tàbí Edit Links to Files ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ orúkọ fídíò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ Break Link. Orúkọ yẹn máa ń dẹ́rù ba èèyàn, ó dà bíi pé fídíò máa lọ. Kò lọ o, ńṣe ló ń wọlé. Tí èyíkéyìí bá kọ̀, ẹ pa á rẹ́ lórí sláìdì, kí ẹ tún un fi sí: Insert, Video, This Device. Bí ẹ bá ti yan fídíò, ẹ wo bọ́tìnì Insert dáadáa. Ọfà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú ọfà yẹn ni Link to File fara pamọ́ sí. Ẹ má dé ibẹ̀, bọ́tìnì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀.

Èmi fẹ́ràn títún un fi sí ju Break Link lọ fún sláìdì tó ti dàgbà. Àmọ́ tí ẹ bá ti gé fídíò náà tàbí ṣètò ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa ní láti tún ìyẹn náà ṣe.

---

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọdún_Kẹta: Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ní irú ìṣòro yìí. Mo ṣe sémínà, mo fi fídíò YouTube sí i nípasẹ̀ Online Videos. Ó ṣiṣẹ́ ní yàrá mi. Nígbà tí mo dé iwájú àwọn olùkọ́, Wi-Fi kú, fídíò ò sì jáde. Ṣé .ppt ló fà á fún èmi náà?

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Rárá. Tìrẹ yàtọ̀. Online Videos kì í gbé fídíò wá, fèrèsé sí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ṣí. Kò sí ohun tí Break Link máa rí mú níbẹ̀. Bó ṣe rí pẹ̀lú Google Slides náà nìyẹn: YouTube tàbí Google Drive ni fídíò ti ń wá, sláìdì kò ní in. Tí fídíò tó wà ní Drive kò bá sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó, ó máa kọ̀ kódà pẹ̀lú dátà.

Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo ni fídíò orí YouTube náà, wọlé sí YouTube Studio kí o gbà á padà sórí láptọ́ọ̀pù rẹ, kí o wá fi This Device gbé e wọlé. Tó bá jẹ́ tẹlòmíràn, bẹ ẹni náà kó fún ọ ní fáìlì.

---

Olùkọ́_Fíṣíìsì: Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn Ọmọ Ìjẹ̀bú díẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, sláìdì mi kan ní fídíò ìdánwò mọ́kànlá. Mo ki gbogbo wọn sínú, láptọ́ọ̀pù ẹ̀ka wa tí RAM rẹ̀ kò pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mí fúùfúù, ó ń pẹ́ kó tó fi nǹkan pamọ́, ó sì ń dì. Mo padà sí líǹkì. Ohun tí mo ń lò ni File, Export, Package Presentation for CD. Orúkọ rẹ̀ ti gbó, ta ló ṣì ń lo CD? Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ Copy to Folder nínú rẹ̀, ó máa kó sláìdì àti gbogbo fídíò tó jẹ́ líǹkì pọ̀ sínú fódà kan fúnra rẹ̀. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ bí ọwọ́ èèyàn ṣe máa ń fi sílẹ̀.

---

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ẹ gbọ́ o! Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa.

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Fún ẹni tó ń gbé láptọ́ọ̀pù ara rẹ̀ lọ sí kíláàsì ara rẹ̀, mi ò bá olùkọ́ jà. Package ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ni pé fáìlì máa kúrò lọ́wọ́ wọn lọ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni èmi ti ń sọ pé kó jẹ́ fáìlì kan.

Ní ti ìwọ̀n, Compress Media wà nínú Info kan náà. Fídíò tó ti wọlé nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, kò lè fọwọ́ kan líǹkì. Ó máa bi yín léèrè: Full HD (1080p), HD (720p) tàbí Standard (480p). Ẹ wo pùrójẹ́kítọ̀ yín kí ẹ tó yàn. Púpọ̀ nínú èyí tí mo ń bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ 1024 × 768, òmíràn 1280 × 800. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè fi 1080p hàn bó ṣe rí, kí lẹ wá ń gbé e kiri fún? 720p ni mo máa ń mú. Mi ò fẹ́ràn 480p, ojú èèyàn máa ń di kúrúkúrú lára ògiri ńlá. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà kan pamọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í mọ̀. Tí ẹ bá fi Trim Video gé ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí fídíò, apá tí ẹ gé ṣì wà nínú fáìlì. Ó kàn fara pamọ́ ni. Ẹni tó bá gba sláìdì náà lè fà á jáde kó wò ó. Tó bá jẹ́ fídíò ìyá àgbà lórí ibùsùn àìsàn lẹ gé kúrò, ẹ ronú sí i. Compress Media ló ń gé e kúrò ní tòótọ́.

---

Bàbá_Ayàwòrán: Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ líǹkì. Èmi máa ń ya fídíò fún àwọn oníṣẹ́ bí ẹ̀yin, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé fídíò lè wà nínú fáìlì kó ṣì má ṣiṣẹ́. Láti iOS 11 ní 2017, iPhone tuntun ti ń ya fídíò ní fọ́máàtì HEVC, ó ń parí sí .MOV. Láptọ́ọ̀pù mi ní ohun tó ń kà á, mo fi í sínú sláìdì, ó lọ geere. Láptọ́ọ̀pù oníbàárà kò ní in, ó kọ Codec unavailable. Ohun tí mo ṣe ni pé mo sọ fún wọn kí wọ́n lọ ra HEVC Video Extensions ní Microsoft Store. Kò wọ́n.

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mẹ́nu bà á. Ìṣòro gidi ni, kì í sì í ṣe ìkan náà pẹ̀lú Media not found. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn máa ka ohun tó kọ sójú dáadáa. Not found túmọ̀ sí pé fáìlì ò sí níbẹ̀. Ibi tí a ti rí Codec, fídíò wà, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú ríra nǹkan sórí láptọ́ọ̀pù oníláptọ́ọ̀pù. Ní ọjọ́ Sátidé, níbi tí Wi-Fi kò sí, ta ló máa wọlé sí Store? Ẹ yí fídíò padà nílé kí ẹ tó fi sí sláìdì. MP4 tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ H.264, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ AAC, ni PowerPoint 2013 wá sókè fẹ́ràn jù. PowerPoint 2010 fẹ́ràn WMV, àmọ́ mi ò ti rí 2010 ní gbọ̀ngàn kan fún ìgbà díẹ̀. HandBrake lè ṣe é, ẹ yan Fast 720p30. Ẹni tó bá ń lo ffmpeg lè tẹ:

```
ffmpeg -i IMG_0412.MOV -c:v libx264 -pix_fmt yuv420p -c:a aac fidio1.mp4
```

Kí ẹni tó ń fi iPhone yà á kúkú lọ sí Settings, Camera, Formats, kó yan Most Compatible kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

---

Bàbá_Ayàwòrán: Mi ò ní fi Most Compatible yàwòrán, fóònù máa kún kí wọ́n tó gé kéèkì. Ṣùgbọ́n ti HandBrake yẹn, mo gbà.

---

Ìyá_Ìbejì: Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ńkọ́? Méjì nínú mẹ́ta ti ibẹ̀ wá.

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ di MP4 H.264, ó máa ṣiṣẹ́, ó kàn ti fẹ́lẹ́ díẹ̀. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, bó ṣe rí lórí fóònù ló ṣe wá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

---

Ìyá_Ìbejì: Mo ti ṣe é o. Mo tẹ Convert, mo ṣe Break Link fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi pamọ́ bíi iranti.pptx. Ó ti di 142 MB. Nílé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣé kí n fọkàn balẹ̀?

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. 5 àti 96 àti 41 ló jẹ́ 142. Fídíò 58 MB kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rí i pẹ̀lú ojú. Fáìlì .pptx, zip ni ní ìsàlẹ̀ ara. Ẹ ṣí fódà tí fáìlì náà wà, ẹ tẹ `cmd` sínú àyè àdírẹ́sì lókè fódà náà, ẹ tẹ Enter. Ní Windows 10 tó ti gba àtúnṣe láti 2018 àti Windows 11, ẹ tẹ èyí:

```
tar -tf iranti.pptx | findstr media
```

Gbogbo fídíò tó wọlé gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀ bíi media1.mp4, media2.mp4. Ẹni tí kò fẹ́ tẹ nǹkan dúdú lè ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kó yí .pptx ẹ̀yìn rẹ̀ sí .zip, kó ṣí i, kó wọ inú ppt, kó wọ inú media. Ẹ̀dà ni o, ẹ má yí ojúlówó.

---

Ìyá_Ìbejì: Ohun tó gbé jáde rèé:

```
ppt/media/image1.jpeg
ppt/media/image2.png
ppt/media/media1.mp4
ppt/media/media2.mp4
```

Òótọ́ ni, méjì péré. Ẹ̀kẹta ṣì wà ní View Links, ó kọ `E:\IYA\ojo_ibi.mp4`. Kí ni E?

---

Olùkọ́_Fíṣíìsì: Fíláàṣì ni, mà. Láti orí fíláàṣì ẹnìkan lẹ ti fi í sí sláìdì.

---

Ìyá_Ìbejì: Háà! Fíláàṣì bàbá wọn ni. Ó ti wọ̀ mí lára pé kí n fi í sílẹ̀ lára láptọ́ọ̀pù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́ nílé. Lónìí, ó ti gbé e lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé ó ṣiṣẹ́ ni, mi ò dé sláìdì ìkẹyìn.

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Break Link kò lè gbé ohun tí kò rí. Tí bàbá bá dé, ẹ da fídíò yẹn sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ pa èyí tó wà lórí sláìdì rẹ́, ẹ fi This Device gbé e wọlé láti ibi tuntun yẹn.

Ọ̀nà tí ẹ máa fi dán an wò lẹ́yìn náà ni pé kí ẹ yí orúkọ fódà tí gbogbo fídíò wà padà, kí ẹ yọ gbogbo fíláàṣì, kí ẹ pa PowerPoint dé, kí ẹ tún un ṣí. Kí ẹ wo fídíò kọ̀ọ̀kan dé ìparí, títí kan ti sláìdì ìkẹyìn. Láptọ́ọ̀pù tó ṣe sláìdì kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dára, ó mọ gbogbo ilé.

---

Ìyá_Ìbejì: Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti hàn. 200 MB ni. Mo ṣe Compress Media sí 720p, ó di 74 MB. Mo yí orúkọ fódà padà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ lórí WhatsApp bíi Document, ó ní òun rí ìlà yẹ́lò kan lókè, fídíò ò sì ṣí.

---

Olùkọ́_Fíṣíìsì: Protected View ni. Kó tẹ Enable Editing. Fáìlì tó bá ti íńtánẹ́ẹ̀tì wá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Kó tẹ̀ ẹ́ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ níwájú ìjọ. Kí ó sì sọ fún yín, ṣé PowerPoint ló wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn àbí WPS?

---

Ìyá_Ìbejì: WPS ni o.

---

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: WPS kò sí ìyọnu, ó máa ń ṣí gbogbo ẹ̀. Òun ni mo ń lò.

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Ó máa ń ṣí i, kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo tó máa ń mú ètò ìbẹ̀rẹ̀ fídíò bó ṣe wà. Èyí tí ẹ ṣètò sí Automatically lè dúró de kílíìkì. Ẹ jẹ́ kó ṣí i lónìí, kó wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí WPS bá sì wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe sláìdì látìbẹ̀rẹ̀, tó bá tẹ Video lábẹ́ Insert, á rí Embed Video àti Link to Video. Wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọwọ́ tó ń kánjú máa ń tẹ èkejì.

---

Bàbá_Ayàwòrán: Kí ẹ tó lọ. Tèmi wọlé dáadáa, ó jẹ́ H.264, ó ń ṣiṣẹ́ lójú láptọ́ọ̀pù. Ní ojú pùrójẹ́kítọ̀, ohùn nìkan ni, àwòrán dúdú kirikiri. Kì í ṣe líǹkì, kì í ṣe kódẹ́ẹ̀kì. Kí ni?

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Ìyẹn sábà máa ń jẹ́ káàdì àwòrán. Ẹ lọ sí File, Options, Advanced, ẹ wá Display nísàlẹ̀, ẹ fàmì sí Disable Slide Show hardware graphics acceleration. Tí ẹ̀dà tiyín kò bá ní in, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú P, ẹ yan Duplicate dípò Extend. Ẹ máa pàdánù Presenter View, àmọ́ fídíò sábà máa ń jáde.

---

Bàbá_Ayàwòrán: Duplicate ṣiṣẹ́. Èkíní kò ṣe nǹkankan, mo fàmì sí i, mo tún láptọ́ọ̀pù tàn, dúdú náà ni. Mo sì nílò Presenter View fún àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀.

---

Oníṣẹ́_Gbọ̀ngàn: Ẹ kọ irú láptọ́ọ̀pù náà síbí, àti bóyá okùn HDMI tààrà ni àbí ẹ fi nǹkan so ó mọ́ VGA. Mo ti rí ọ̀kan tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi so ó ló ń fa dúdú yẹn, mi ò lè sọ bóyá tiyín náà ni.